Orí Kẹrin: Láti Inú Lẹ́tà Ìgbanisíṣẹ́ Bọ́ Sínú Ṣíìtì Owó-Oṣù

Bí ẹ bá ṣí fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tó ti pé ọdún mẹ́wàá l'Ádó-Èkìtì, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ní jọ ara wọn. Òmíràn ni onílé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kọ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣì kéré. Òmíràn ni lọ́yà kọ. Òmíràn ni wọ́n dà kọ láti ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí wọ́n kàn pààrọ̀ orúkọ. Ọ̀kan sọ owó ọdún, ọ̀kan sọ owó oṣù, ọ̀kan sọ iye tí yóò bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n yọ. Ẹni tó ń ṣe owó-oṣù ló gbọ́dọ̀ sọ gbogbo wọn di èdè kan ṣoṣo.

Ohun tí orí yìí ń kọ́ni ni bí a ṣe ń ṣe é. A ó lo ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ní àdúgbò Adébáyọ̀, tó ní òṣìṣẹ́ 18. Lẹ́tà mẹ́ta la ó yọ nínú fáìlì rẹ̀: ti olùkọ́ ìṣirò, ti akọ̀wé owó, àti ti mátírọ́ọ̀nù tó ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ ní ilé ibùgbé. A ṣe àwọn iye owó inú wọn fún ẹ̀kọ́ ni, ṣùgbọ́n irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́, dé Ìyìn àti Ìfàkì.

Ìlànà méjì ṣáájú gbogbo rẹ̀

Ohun tí lẹ́tà sọ yàtọ̀ sí ohun tí a ṣírò. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀ sínú àpótí kan. Bí lẹ́tà bá sọ pé ₦1,800,000 lọ́dún, iye yẹn gan-an ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá jẹ́ kí ṣíìtì ṣírò ti oṣù ní òpó mìíràn. Ẹni tó bá ti pín in sí méjìlá lórí ẹ̀rọ ìṣirò kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ ti pa ẹ̀rí rẹ́. Bí ìjà bá dé lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá lẹ́tà ló sọ ọ́ tàbí akáńtáǹtì.

Èkejì tẹ̀ lé e: ohun tí lẹ́tà kò bá sọ, ẹ má ṣe sọ ọ́ fún un. Ẹ fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ kọ ìbéèrè sí i. A ó rí i níwájú pé àbá kékeré tí akáńtáǹtì dá nítorí àpótí òfìfo lè jẹ owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ lóṣooṣù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Àwọn ìwé tó yẹ kó wà lórí tábìlì

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ nìkan kò tó. Ẹ kó lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ níṣẹ́ mọ́ ọn, pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà àfikún owó àti lẹ́tà ìgbéga. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé láàárín oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ iye owó iṣẹ́ rẹ̀, bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ àti ìgbà tí a ó máa san án. Bí ẹ bá rí òṣìṣẹ́ tí kò ní ìwé kankan, ẹ má ṣe kọ iye tí wọ́n ń san fún un sínú ṣíìtì bí ẹni pé lẹ́tà ló sọ ọ́. Kí onílé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ fún un ní ìwé ná.

Ohun méjì mìíràn tí kì í sí nínú lẹ́tà, tí ẹ sì nílò, ni nọ́ńbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ àti iye owó tó ń san lórí ilé tó ń háyà. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yan ilé-iṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ní ti owó ilé, òfin owó-orí tuntun gbà kí a yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí ó ń san lọ́dún kúrò kí a tó ṣírò owó-orí rẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí a ó yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹni tí kò bá mú ìwé ẹ̀rí wá kò lè jẹ àǹfààní yẹn.

Bí ṣíìtì náà ṣe rí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan, kí wọ́n wá ṣí òpó fún bésíìkì, òpó fún owó ilé, òpó fún owó ọkọ̀. Èyí dára títí tí lẹ́tà kan yóò fi mú owó tí òpó kò sí fún dé, bí owó ìdáṣọ tàbí owó àbójútó eré ìdárayá. Nígbà náà ni wọn yóò tì í sínú òpó tó bá sún mọ́ ọn jù, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí owó kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Bí lẹ́tà olùkọ́ kan bá dárúkọ owó mẹ́fà, ìlà mẹ́fà ni yóò ní. Àwọn òpó náà nìyí:

```
A  Nọ́ńbà òṣìṣẹ́
B  Orúkọ owó
C  Ọ̀rọ̀ lẹ́tà gan-an
D  Iye inú lẹ́tà
E  Ìlọ́po lọ́dún
F  Ìgbà tí a ń san án lọ́dún
G  Iye ọdún
H  Iye ìsanwó kọ̀ọ̀kan
I  Pẹ́ńṣọ̀n (1 tàbí 0)
J  Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀
K  Ọjọ́ òpin
L  Ìpínrọ̀ lẹ́tà
M  Ipò tàbí ìbéèrè
```

Nínú òpó B, orúkọ kan ṣoṣo ni kí owó kan máa jẹ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Bí lẹ́tà kan bá pè é ní owó ọkọ̀, tí òmíràn pè é ní owó ìrìnnà, "Owó ọkọ̀" ni kí ẹ kọ fún méjèèjì. Òpó C ni kí ẹ ti da ọ̀rọ̀ lẹ́tà kọ bó ṣe wà, ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́.

Òpó E àti F ló ń gbé iṣẹ́ náà dúró, nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ sì kọ sínú wọn. Òpó E ń dáhùn ìbéèrè yìí: ẹ̀ẹ̀melòó ni iye tí lẹ́tà sọ yóò fi pé ọdún? Bí lẹ́tà bá sọ iye oṣù, 12 ni. Bó bá sọ iye ọdún, 1 ni. Bó bá jẹ́ owó táàmù, 3 ni. Òpó F ń dáhùn òmíràn: ẹ̀ẹ̀melòó ni a ń san án gan-an lọ́dún? Owó lè wà ní iye ọdún nínú lẹ́tà kí a sì máa san án lóṣooṣù, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń san án. Nítorí pé nọ́ńbà ni méjèèjì, kò sí pé ẹnì kan kọ "oṣù", ẹlòmíràn kọ "osu", kí Excel wá sọ pé wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Ìṣirò tó kù kúrú:

```
G2:  =D2*E2
H2:  =IF(F2="","",ROUND(G2/F2,2))
```

Nínú òpó I, ẹ kọ 1 sí owó tí a ó fi ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, 0 sí èyí tí a kò ní fi ṣe é. Òfin Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sọ pé ó kéré tán, bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú 100 iye yẹn, agbanisíṣẹ́ sì ń dá ìdá 10, ó kéré tán. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lábẹ́ òfin náà, nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ wa tó ní 18 kò lè yọra.

Lẹ́tà kìíní: owó ọdún tí a pín

Lẹ́tà olùkọ́ ìṣirò ni lọ́yà kọ. Ó sọ pé gbogbo owó rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦1,800,000, tí a pín báyìí: bésíìkì ₦720,000, owó ilé ₦360,000, owó ọkọ̀ ₦270,000, owó iná àti omi ₦180,000, owó oúnjẹ ₦180,000, owó ìsinmi ọdún ₦90,000 "tí a ó san nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń lọ sí ìsinmi".

Ìlà mẹ́fà ni. Òpó E jẹ́ 1 fún gbogbo wọn, nítorí pé iye ọdún ni lẹ́tà sọ. Òpó F jẹ́ 12 fún márùn-ún àkọ́kọ́. Fún owó ìsinmi, 1 ni, nítorí gbólóhùn kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣíìtì yóò wá fún wa ní ₦60,000, ₦30,000, ₦22,500, ₦15,000 àti ₦15,000 lóṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦142,500.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Ẹni tó bá wo àpapọ̀ lẹ́tà nìkan yóò pín ₦1,800,000 sí méjìlá, yóò rí ₦150,000, yóò sì máa san án. Nígbà tí oṣù Kẹjọ bá dé tí olùkọ́ ń lọ sí ìsinmi, yóò tún san ₦90,000 fún un nítorí pé lẹ́tà sọ bẹ́ẹ̀. Ní òpin ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ ti san ₦1,890,000. Wọ́n ti san owó ìsinmi lẹ́ẹ̀mejì: ₦7,500 lóṣooṣù láìmọ̀, àti ₦90,000 lójú ayé. Bí a bá sì rí àṣìṣe náà lẹ́yìn ọdún méjì, gbígbà á padà kò rọrùn, nítorí Òfin Iṣẹ́ kò gbà kí ohun tí a ń yọ nínú owó òṣìṣẹ́ lóṣù kan ju ìdámẹ́ta owó náà lọ.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni àpapọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fún ₦1,800,000 ní ìlà nínú ṣíìtì, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ ó ka gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ewé kejì ni kí ẹ kọ ọ́ sí, níwájú orúkọ olùkọ́, kí ẹ lè fi bá àpapọ̀ àwọn ìlà wé. Bí nọ́ńbà olùkọ́ bá jẹ́ `OS01`, ìṣirò méjì yìí tó, bí ẹ bá kọ wọ́n sí òpó tó ṣófo lẹ́yìn M lórí ojú ewé àkọ́kọ́:

```
Àpapọ̀ ọdún:     =SUMIFS(G:G,A:A,"OS01",K:K,"")
Pẹ́ńṣọ̀n òṣìṣẹ́:  =SUMIFS(H:H,A:A,"OS01",I:I,1,K:K,"")*0.08
```

Ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 1800000 gẹ́lẹ́. Ti èkejì yóò jẹ́ 9000, nítorí pé bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ lóṣù jẹ́ ₦112,500. Ìdá 10 ti ilé-ẹ̀kọ́ yóò jẹ́ ₦11,250.

Bí àpapọ̀ bá kéré sí ti lẹ́tà, owó kan wà tí ẹ kò kọ. Bó bá pọ̀ jù ú lọ, ẹ wò ó bóyá owó ìsinmi tàbí ẹ̀bùn òpin ọdún wà lẹ́yìn àpapọ̀ lẹ́tà, tí kò sí nínú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà kan ń fi owó ìsinmi kún àpapọ̀, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àfikún. Ìyàtọ̀ àpapọ̀ ló ń fi èyí tó jẹ́ hàn.

Lẹ́tà kejì: "gbogbo rẹ̀ wà nínú rẹ̀"

Lẹ́tà akọ̀wé owó kò ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ. Ó ní owó-oṣù rẹ̀ yóò jẹ́ ₦120,000, gbogbo àjẹmọ́nú wà nínú rẹ̀. Kò sí bésíìkì, kò sí owó ilé, kò sí owó ọkọ̀.

Ìlà kan ṣoṣo ni lẹ́tà yìí ní. Ẹ pè é ní "Owó àpapọ̀" ní òpó B. Òpó D jẹ́ 120000, E jẹ́ 12, F jẹ́ 12. Òpó I ló ń fa ìbéèrè: èwo nínú owó yìí ni a ó fi ṣírò owó ìfẹ̀yìntì?

Àṣà kan wà láàárín àwọn akáńtáǹtì: wọn á mú ìpín tí wọ́n ń lò ní ibi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọn á fi gé owó náà, àpótí á kún. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyẹn ń ṣe. Ká ní akáńtáǹtì pinnu fúnra rẹ̀ pé bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú 100. Iye tí a ó fi ṣírò di ₦72,000. Akọ̀wé yóò dá ₦5,760, ilé-ẹ̀kọ́ yóò dá ₦7,200, ohun tí yóò wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì lóṣù jẹ́ ₦12,960. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ₦120,000 bá ni a fi ṣírò, akọ̀wé yóò dá ₦9,600, ilé-ẹ̀kọ́ yóò dá ₦12,000, àpapọ̀ ₦21,600. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦8,640 lóṣù, ₦103,680 lọ́dún. Akọ̀wé lè má mọ̀ rárá, torí pé owó tó ń bọ́ sí i lọ́wọ́ lóṣù á tilẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i. Ọjọ́ tó bá fẹ̀yìn tì ni yóò mọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ 1 sí òpó I fún gbogbo owó náà, kí ẹ kọ "bi ọ̀gá" sí òpó M. Òfin fàyè gba agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ láti fi ìwé àdéhùn sọ ohun tó jẹ́ owó oṣù tí a ó fi ṣírò, bí kò bá ti kéré sí mẹ́ta tí a dárúkọ. Lẹ́tà yìí kò sọ nǹkan kan, kò sì sí ohun tí akáńtáǹtì lè gbé lé láti dín in kù. Ọ̀gá ló lè ṣe ìpín, kó kọ ọ́, kí akọ̀wé náà sì fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè kejì kúrú, ẹ má sì gbàgbé rẹ̀: ṣé ìdá 10 ti ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú "gbogbo rẹ̀" yẹn? Àwọn lẹ́tà kan ń ka ìdá agbanisíṣẹ́ mọ́ owó òṣìṣẹ́ kí iye náà lè tóbi lójú. Bí ìpín lẹ́tà bá ní ìlà tí wọ́n pè ní ìdá agbanisíṣẹ́, ìlà yẹn kì í ṣe owó-oṣù, kò sì gbọ́dọ̀ wọ òpó H.

Lẹ́tà kẹta: owó àmúrelé àti yàrá

Mátírọ́ọ̀nù ní ìwé tí onílé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: yóò máa mú ₦150,000 lọ sílé lóṣù, a ó fún un ní yàrá ní ilé ibùgbé àwọn ọmọ, yóò sì gba owó oṣù kẹtàlá "bí àyè bá gbà".

Ohun mẹ́ta ni, ọ̀nà mẹ́ta sì ni a ó gbà tọ́jú wọn.

Owó oṣù kẹtàlá kò ní iye tó dájú. Ẹ fún un ní ìlà, ẹ da ọ̀rọ̀ lẹ́tà kọ sí òpó C, ṣùgbọ́n ẹ fi D sílẹ̀ lófìfo. Bí oṣù Kejìlá bá dé tí onílé-ẹ̀kọ́ sì ní àwọn ó san án, nígbà náà ni iye yóò wọlé.

Yàrá kì í ṣe owó. Kò gbọ́dọ̀ wọ òpó D tàbí H. Ẹ fún un ní ìlà, kí ẹ kọ "ohun tí a fún un" sí òpó M. Òfin owó-orí lè ka ilé tí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ mọ́ ohun tó ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá ilé-iṣẹ́ EKIRS, tó ń gba owó-orí fún Ìpínlẹ̀ Èkìtì, kí ẹ tó parí owó oṣù kìíní mátírọ́ọ̀nù náà.

Owó àmúrelé ni iṣẹ́ gidi wà. Bí ẹ bá kọ 150000 sí òpó D, ṣíìtì yóò kà á bí iye kí a tó yọ nǹkan kan, wọn yóò yọ owó ìfẹ̀yìntì àti owó-orí nínú rẹ̀, ohun tí mátírọ́ọ̀nù yóò mú lọ sílé yóò sì kéré sí ohun tí wọ́n ṣèlérí. A gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ padà láti ìsàlẹ̀ sókè.

Òfin Owó-orí Nàìjíríà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, kò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí a ń san owó-orí lé. Ó ń gba ìdá 15 nínú 100 lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń yọ kí a tó ṣírò owó-orí. Ká ní gbogbo owó mátírọ́ọ̀nù ni a fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, kò mú ìwé owó ilé wá, a kò sì tíì ka yàrá rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó ń kù lẹ́yìn ìdá 8 jẹ́ 0.92 gbogbo owó rẹ̀. Ohun tó ń kù lẹ́yìn owó-orí jẹ́ 0.85 ìyẹn, pẹ̀lú ₦120,000 tí a dá sí nítorí ₦800,000 tí kò ní owó-orí. 0.92 lọ́nà 0.85 jẹ́ 0.782. Nítorí náà:

```
=(150000*12-120000)/0.782
```

Èsì rẹ̀ jẹ́ ₦2,148,337.60 lọ́dún, ìyẹn ₦179,028.13 lóṣù. Ẹ dán an wò: ìdá 8 rẹ̀ jẹ́ ₦14,322.25, owó-orí oṣù jẹ́ ₦14,705.88, ohun tó kù jẹ́ ₦150,000 gẹ́lẹ́. Ìṣirò yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́ bí owó tí a ń san owó-orí lé bá kọjá ₦3,000,000 lọ́dún, torí pé ìdá tó ga jù 15 ló wà lókè ibẹ̀.

Ẹ má ṣe kọ ₦179,028.13 sínú ṣíìtì kí ẹ tó fi han onílé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í yàtọ̀ púpọ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Mo fẹ́ kí ẹ rí owó mátírọ́ọ̀nù kí n tó tẹ̀ síwájú."

"Ṣebí ₦150,000 ni mo bá a sọ?"

"Ìyẹn ni yóò mú lọ sílé, Mà. Kó tó mú un lọ sílé, ₦179,028 ni a ó kọ síwèé. Ìdá ti ilé-ẹ̀kọ́ fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tún jẹ́ ₦17,902.81. Gbogbo ohun tí yóò jáde lápò ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦197,000 lóṣù."

Ohun tí ọ̀gá bá sọ lẹ́yìn èyí ni kí ẹ gbà sílẹ̀ ní ìwé. Bó bá gbà á, lẹ́tà tuntun yóò kọ iye kí a tó yọ nǹkan. Bó bá ní ₦150,000 ni iye kí a tó yọ nǹkan, mátírọ́ọ̀nù ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kó sì gbà, nítorí pé ìlérí inú lẹ́tà rẹ̀ ti yí padà. Akáńtáǹtì kò ní àṣẹ láti fi ṣíìtì yí i padà.

Lẹ́tà tó ń kọ ìpele dípò iye

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ìjọba, tàbí fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga bí yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà l'Ádó tàbí Pólì ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀, lẹ́tà kì í sábà sọ iye. Ìpele àti ìgbésẹ̀ ló ń sọ, bí GL 08 ìgbésẹ̀ 2, tàbí orúkọ tábìlì owó bí CONUASS fún àwọn olùkọ́ yunifásítì. Ẹ kọ orúkọ tábìlì náà, ìpele, ìgbésẹ̀ àti ọjọ́ tí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí òpó C kí ẹ tó kọ iye tí ẹ rí nínú rẹ̀ sí D. Tábìlì máa ń yí padà. Nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin owó-oṣù tó kéré jù lọ ti ₦70,000 ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, iye tó kéré sí i nínú tábìlì àtijọ́ kò bá òfin mu mọ́. Ẹni tó kọ iye nìkan kò lè mọ tábìlì tí òun mú un jáde.

Nígbà tí owó bá yí padà

Bí olùkọ́ ìṣirò bá gba lẹ́tà àfikún, ẹ má ṣe pa iye àtijọ́ rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ òpin sí òpó K lórí àwọn ìlà tó kan, kí ẹ ṣí ìlà tuntun pẹ̀lú ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìpínrọ̀ lẹ́tà àfikún náà. Àwọn ìṣirò tí a kọ sókè ń ka ìlà tí òpó K rẹ̀ ṣófo nìkan, nítorí náà àwọn ìlà àtijọ́ kò ní da àpapọ̀ rú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ owó ọdún tó kọjá wò.

Ẹ wo lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ dáadáa náà. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń san iye kékeré fún oṣù mẹ́fà ìdánwò, lẹ́yìn náà ni owó pípé bẹ̀rẹ̀. Bí lẹ́tà bá sọ iye méjèèjì, ẹ kọ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọjọ́ òpin ìlà ìdánwò sí òpó M ná, kí òpó K rẹ̀ ṣófo títí ọjọ́ náà yóò fi pé, nítorí pé àwọn ìṣirò wa kì í ka ìlà tó ti ní ọjọ́ òpin ní K. Ìlà owó pípé ni kí ẹ kọ "kò tíì bẹ̀rẹ̀" sí ní òpó M, kí ẹ sì fi òpó D rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo títí ọjọ́ ìfìdímúlẹ̀ yóò fi pé, kó má baà wọ owó-oṣù.

Kí ẹ tó san owó oṣù àkọ́kọ́

Àyẹ̀wò mẹ́ta ló tó. Àkọ́kọ́, àpapọ̀ ọdún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ inú lẹ́tà rẹ̀ mu láìku náírà kan. Bó bá yàtọ̀, ẹ má ṣe tún un ṣe pẹ̀lú ìlà "àtúnṣe". Ẹ padà sínú lẹ́tà. Èkejì, kí ẹlòmíràn tí kò kọ ṣíìtì náà mú lẹ́tà mélòó kan, kó ka òpó C àti L, kó sì rí ibi tí iye kọ̀ọ̀kan ti wá. Èyí tí kò bá rí ni kí ẹ yọ kúrò títí tí ẹ ó fi rí ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kò gbọ́dọ̀ sí ìbéèrè kankan ní òpó M tí ọ̀gá kò tíì fi ìwé dáhùn. Ìdáhùn orí fóònù kò tó. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé kékeré kan, kí òṣìṣẹ́ náà fọwọ́ sí i, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹ̀yìn lẹ́tà nínú fáìlì.

Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ méjì ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá. Owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ dé ibi tó ń lọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí a bá san owó-oṣù. Owó-orí oṣù tó kọjá gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ EKIRS kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tuntun tó kọjá.

Bí ẹ bá ní lẹ́tà kan lọ́wọ́ lónìí tí kò sọ bóyá iye inú rẹ̀ jẹ́ ti oṣù tàbí ti ọdún, ti kí a tó yọ nǹkan tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má ṣe fi kún ṣíìtì kí ẹ tó béèrè. Ọ̀gá lè ní ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Òṣìṣẹ́ tó fi lẹ́tà yẹn sílé bí ẹ̀rí gbẹ́kẹ̀ lé e pé iye tí ẹ kọ ni iye tí wọ́n bá òun sọ.